Àwòrán wo ló yẹ kó wà lórí báńnà ilé oògùn?

Ìbéèrè: Ilé oògùn kékeré ni mo ní ní Kàbà. Mo ní kí wọ́n ṣe báńnà fún àyẹ̀wò ìfúnpá àti ṣúgà. Dísáínà gbé òyìnbó kan tó wọ kóòtù dókítà wá, pẹ̀lú ẹ̀rọ ṣúgà méjì, ọ̀kan kọ 286, èkejì kọ 98, ó tún fi àmì NAFDAC sí ìsàlẹ̀. Ó dùn ún wò, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀kun o. Ẹ̀rọ méjì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ wọn, síbẹ̀ ohun tí ẹni tó ń kọjá máa kà níbẹ̀ ni pé, “Bí mo bá débí, ṣúgà mi á wálẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nọ́ḿbà méjèèjì lè jáde lára alátọ̀gbẹ kan náà láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, 98 láàárọ̀ kó tó fẹnu kan nǹkan, 286 lẹ́yìn oúnjẹ. Wọn ò fi hàn pé ìtọ́jú kankan ṣiṣẹ́. Òfin oúnjẹ àti oògùn ilẹ̀ wa tún ka àtọ̀gbẹ mọ́ àwọn àìsàn tí a kò gbọ́dọ̀ polówó ìwòsàn wọn fún ará ìlú. Àyẹ̀wò lẹ̀ ń ṣe, àyẹ̀wò náà ni kí àwòrán fi hàn.

Àmì NAFDAC náà kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ọjà ni NAFDAC ń fún ní nọ́ḿbà, kì í fún ṣọ́ọ̀bù. PCN ló ń fún ilé oògùn ní ìwé àṣẹ. Bó bá jẹ́ àṣẹ kẹ́míìsì kékeré lẹ ní, ẹ má kọ “fámásì” sára báńnà.

Ní ti òyìnbó yẹn, ẹni tó bá ti Ìyàrá wá kò ní bá a nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò gan-an ni kí ẹ yà, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe dókítà, ẹ má gbé sítẹtosikópù kọ́ ọ lọ́rùn kó lè jọ dókítà.

Ẹ jẹ́ kó máa wọn ìfúnpá ẹnì kan, kó sì ṣe é bó ṣe yẹ, torí nọ́ọ̀sì tó bá ń kọjá yóò rí àṣìṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń wọ̀n fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀ láìkọ́ra. Apá rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ga dé ibi ọkàn. Ara apá lásán ni wọ́n ti so bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà, kì í ṣe orí aṣọ. Kí ojú ẹ̀rọ wà ní pípa, kí nọ́ḿbà kankan má baà di ìlérí.

Má ṣe fi aláìsàn ṣe é. Ìlú wa kò tóbi, gbogbo ayé ló mọra, ojú kan lórí báńnà àyẹ̀wò ṣúgà ti tó láti sọ ẹni náà di alátọ̀gbẹ lẹ́nu ará ọjà. Ẹ lo òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí tó gbà, kó fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ sì kọ “àwòrán àfihàn” sí igun kan. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ “ara mi ti yá” sí i lẹ́nu.

Ẹ yà á lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà tàbí fèrèsé, níbi tí oòrùn kò ti kan ojú wọn. Kóòtù funfun máa ń tan fóònù jẹ: ó máa dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú aláwọ̀ dúdú á wá ṣókùnkùn. Ẹ tẹ ojú ènìyàn náà lórí fóònù, kí ẹ fi díẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá bọ́tìnnì kóòtù ṣì hàn. Bí kò bá hàn mọ́, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ má jẹ́ kí dísáínà sọ àwọ̀ wọn di pupa, pàápàá bí ẹ bá ń ta ìpara. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fa àwòrán náà tóbi, kí ẹ wo ẹ̀yìn: ìwé aláìsàn lórí tábìlì, tàbí páálí oògùn tí a kì í tà láìsí ìwé dókítà. Ẹ gbé wọn kúrò, kí ẹ tún un yà.

Báńnà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́ta fẹ́ àwòrán tí ìbú rẹ̀ tó 4000 píksẹ́lì, fóònù púpọ̀ sì ń yà á bẹ́ẹ̀. Wọ́tsáàpù ló máa ń bà á jẹ́. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, ó lè dín in kù sí nǹkan bí 1600, ojú á wá fọ́ lórí báńnà. Ẹ fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì, kí ẹ sì ní kí atẹ̀wé kọ́kọ́ tẹ ibi ojú nìkan sórí ègé kékeré kan fún yín wò.