Bí ẹ ṣe lè yẹ ìwé àbá iṣẹ́ kọngílá bọhóòlù wò kẹ́ ẹ tó gbé iṣẹ́ fún un

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa lókè òkun níbí fẹ́ gbẹ́ bọhóòlù sí ilé ìwé kan lẹ́yìn Ìbàdàn. Kọngílá mẹ́ta ti fi ìwé àbá iṣẹ́ ránṣẹ́. Apá mẹ́rin ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀nà tí wọ́n máa gbà ṣiṣẹ́, ètò ọjọ́, òṣìṣẹ́ àti ẹ̀rọ. Bákan náà ni gbogbo ẹ̀ rí lójú wa. Kí ni ká máa wò?"

Ẹ má ka apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fi ọ̀kan yẹ èkejì wò. Ẹni tó mọṣẹ́ máa kọ́kọ́ pinnu bó ṣe máa gbẹ́ ẹ. Ohun tó bá kọ síbẹ̀ ló máa sọ ẹ̀rọ tó gbọ́dọ̀ kó wá, iye ọjọ́ tó máa lò àti ẹni tó gbọ́dọ̀ dúró ti iṣẹ́. Ní ti ẹni tó da ìwé iṣẹ́ àtijọ́ kọ, ibi tí apá kan ti ń ta ko èkejì lẹ ti máa mú un.

Orí àpáta líle ni Ìbàdàn wà. Lókè, erùpẹ̀ àti àpáta tó ti jẹrà lẹ máa kọ́kọ́ bá, àpáta gidi wà nísàlẹ̀, omi ò sì sí nínú ìyẹn àfi níbi tó bá ti là. Èkó ò rí bẹ́ẹ̀. Yanrìn àti amọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ olómi tí wọ́n ń fi pọ́ọ̀mpù rán yí inú ihò ká ni wọ́n sì fi ń gbẹ́ ẹ. Torí náà, bí ìwé kan bá ní ẹrẹ̀ làwọn máa fi gbẹ́ ẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, iṣẹ́ etí òkun ni wọ́n dà kọ. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní wọ́n ti fi irin àti wáyà wọn ilẹ̀ náà ní ojú ibi mẹ́ta, ibi tó dáa jù sì fi hàn pé àpáta jíjẹrà lọ dé mítà 18, pé ó jọ pé àpáta là láàárín mítà 30 sí 50. (Ẹ bèèrè àwòrán ìwọ̀n yẹn fúnra ẹ̀. Gbólóhùn "omi wà níbí" lásán kì í ṣe sọ́fè.) Kọngílá wá dá a lábàá pé kí wọ́n gbẹ́ mítà 60. Ọ̀nà tó yẹ kó kọ ni pé wọ́n máa fi bíìtì ínṣì 10 gbẹ́ mítà 18 àkọ́kọ́, wọ́n á ti páìpù irin ínṣì 8 sínú ẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí ilẹ̀ má bàa ya lulẹ̀, wọ́n á wá gba inú páìpù yẹn fi háámà tó ń fi afẹ́fẹ́ lu àpáta gbẹ́ ìyókù, ní ìwọ̀n mìlímítà 165. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ki páìpù ike tó máa wà níbẹ̀ títí bọ̀ ọ́, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 125. Páìpù tí wọ́n ti la ojú sí lára máa wà níbi tí omi ti ń wọlé, èyí tí kò lójú máa wà níbi yòókù. Bí wọ́n bá ṣe ń da òkúta wẹ́wẹ́ àti sìmẹ́ńtì sí i ni wọ́n á máa fa páìpù irin yẹn jáde.

Ìṣirò kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ínṣì 10 jẹ́ mìlímítà 254. Ẹ yọ 125 kúrò, kẹ́ ẹ dá ìyókù sí méjì: àlàfo bíi mìlímítà 64 ló kù yí páìpù ká, òkúta wẹ́wẹ́ á sì wọ̀ ọ́ dáadáa. Àmọ́ nínú ihò háámà, 165 ni ẹ máa yọ 125 kúrò lára ẹ̀, mìlímítà 20 péré ló sì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òkúta wẹ́wẹ́ á há sójú ọ̀nà níbẹ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀. Kò burú, torí àpáta líle lè dá dúró fúnra ẹ̀. Ohun tó burú ni ìwé tó ní háámà 165 ni wọ́n máa fi gbẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀, tó sì tún ní òkúta wẹ́wẹ́ máa yí páìpù ká látòkè délẹ̀. Ẹni tó kọ ìyẹn ò tíì ronú kan iṣẹ́ náà, àpáta jíjẹrà á sì máa rọ iyanrìn sínú omi yín.

Ìṣirò yẹn kan náà lẹ máa fi mọ iye sìmẹ́ńtì. Mítà 6 òkè pátápátá ló yẹ kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí, kí omi gọ́tà àti ti ṣáláńgá má bàa gba ẹ̀yìn páìpù sọ̀ kalẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì kan tí wọ́n pò mọ́ omi lítà 25 ń fún wọn ní bíi lítà 41. Àlàfo tó yí páìpù ká nínú ihò ínṣì 10 yẹn sì ń gba bíi lítà 38 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé àpò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má kún ju mítà kan lọ, mẹ́fà ni wọ́n nílò. Bí ìwé bá kọ àpò kan tàbí méjì, ojú ilẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ rẹ́. Ẹ máa mọ̀ tó bá yá: bí òjò bá ti rọ̀ tán lomi á máa pọ́n, àyẹ̀wò kòkòrò àrùn á sì máa já a kulẹ̀.

Ní apá ẹ̀rọ, kọmpúrẹ́sọ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ ju rígì tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé èérún àpáta jáde, ó sì gbọ́dọ̀ máa sáré tó bíi mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó lè gbé e. Fún ihò 165 tí ọ̀pá agbẹ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 89, ìyẹn ń béèrè afẹ́fẹ́ tó nǹkan bíi kúbìkì mítà 14 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí wọ́n máa ń kọ bíi 480 cfm sára ẹ̀rọ. Bó bá kéré jùyẹn, èérún á máa padà ṣubú lé háámà lórí, á sì há sínú ihò. Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ náà wà níbẹ̀: bí omi bá dúró ní mítà 12, tí wọ́n sì wà ní mítà 60, omi mítà 48 ló wà lórí háámà, ìyẹn nìkan sì ń jẹ bíi báà 5, báà ni wọ́n fi ń wọn ìtẹ̀ náà. Kọmpúrẹ́sọ̀ báà 7 ò ní í lágbára mọ́. Báà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wá. Ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán pátákó kékeré tó wà lára ẹ̀rọ náà ránṣẹ́, kí wọ́n sì kọ bóyá tiwọn ni tàbí wọ́n fẹ́ yá a. Yíyá ò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n bá yá ní láti hàn nínú ètò ọjọ́.

Ètò ọjọ́ ni wọ́n ti sábà máa ń já yín kulẹ̀, torí ìdánwò omi ni wọ́n ń gé kúrú. Bọhóòlù tí wọ́n máa fi pọ́ọ̀mpù iná fà yẹ kó ní ìdánwò wákàtí 24 tí wọn ò dá dúró, pẹ̀lú ìwọ̀n ojú omi ní gbogbo ìgbà àti bó ṣe ń padà gòkè lẹ́yìn náà. Bí ètò bá kọ "ìdánwò àti fífi pọ́ọ̀mpù sí: ọjọ́ kan", kò sí ìdánwò níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí fídíò omi tó ń fò sókè dùn mọ́ yín jù. Omi tó ti dúró sínú ihò yẹn nìkan tó bíi lítà 1,000. Bí wọ́n bá ń fà á débi pé búkẹ́ẹ̀tì lítà 20 ń kún ní ìṣẹ́jú àáyá 25, ó máa gbà tó 20 ìṣẹ́jú kí èyí tó dúró síbẹ̀ tó tán. Ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí omi tí àpáta gan-an ń mú wá. Ìdí kan náà nìyẹn tí ìwé tó ti kọ agbára pọ́ọ̀mpù sílẹ̀ kí ìdánwò tó wáyé fi ń fura síni. Ìdánwò ló ń yan pọ́ọ̀mpù àti ibi tí wọ́n máa so ó sí.

Bí ẹ ṣe wà lókè òkun yìí, ẹ ní kí wọ́n kọ ibi mẹ́ta tí wọ́n gbọ́dọ̀ dúró dè yín sínú ètò náà: lẹ́yìn sọ́fè, nígbà tí wọ́n bá dé mítà 60, àti lẹ́yìn ìdánwò. Ti àárín yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀. Bí wọn ò bá rí omi tó pọ̀, ta ló máa pinnu pé kí wọ́n lọ dé 80, èló sì ni mítà kan? Bí ihò bá gbẹ pátápátá ńkọ́? Ìdáhùn ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kó tó di pé rígì wọlé.

Apá òṣìṣẹ́ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni kan ṣoṣo ló ṣe kókó, ìyẹn onímọ̀ nípa àpáta àti omi abẹ́ ilẹ̀. Ẹ bèèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ COMEG, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kẹ́ ẹ wá padà sí ètò ọjọ́ lọ wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà ní ọjọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń kó ìtàn iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé mẹ́rin sẹ́yìn, tó sì jẹ́ pé dírílà nìkan ló máa wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gba owó ní mítà mítà kọ́ ló yẹ kó máa dá nìkan sọ ibi tí ihò máa parí sí àti ibi tí páìpù olójú máa wà. Onímọ̀ yẹn ló gbọ́dọ̀ máa bu èérún àpáta ní mítà kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, tó sì máa kọ mítà tí omi ti kọ́kọ́ yọ.

Ẹ fi ohun kan kún un fún ẹni tí ẹ bá rán lọ síbẹ̀: kó ka ọ̀pá agbẹ́lẹ̀ bí wọ́n bá ń fà á jáde. Bí ọ̀kan bá jẹ́ mítà 3, ogún ọ̀pá ló ń mú mítà 60 wá. Kí wọ́n tó ki páìpù ike bọ̀ ọ́, kó so irin wúwo mọ́ tépù, kó jù ú sílẹ̀, kó sì ya àwòrán ibi tí tépù dúró sí. Iye mítà tó bá rí níbẹ̀ lẹ máa sanwó lé lórí.

Bí kọngílá bá ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìlànà Nàìjíríà fún kíkọ́ kànga omi wà, NCP 027:2010 ni nọ́ńbà ẹ̀. Ti omi mímu ni NIS 554. Ẹ ní kí ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun máa tẹ̀ lé méjèèjì, kí ètò ọjọ́ sì fi hàn pé òpin ìdánwò wákàtí 24 ni wọ́n máa bu omi tó ń lọ fún àyẹ̀wò, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ tán.