Kí ni “pọ́tà” ń wá nínú ẹ̀dọ̀?

Ìbéèrè: “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni pọ́tà tráyádì túmọ̀ sí gan-an? Kí ló sì dé tí wọ́n fi ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń lọ sínú, òróòro ń bọ̀ síta?”

Ẹnubodè ni pọ́tà. Èdè Látìnì ló ti wá. Kòtò kan wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀ tí iṣan ńlá tó ń kó ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti inú ìfun ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ náà pè. Tráyádì kò ju ohun mẹ́ta tó wà pa pọ̀ lọ: iṣan tó ti ìfun wá, iṣan tó ti ọkàn wá, àti ojú ọ̀nà òróòro. “Àwọn mẹ́ta ẹnubodè” ni mo máa ń pè é fún àwọn tí mò ń kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ju mẹ́ta lọ: iṣan ìmọ̀lára àti ojú ọ̀nà omi-ara náà wà níbẹ̀, wọn ò kàn ráyè nínú orúkọ.

Abala kéékèèké tí à ń pè ní lóbúlù ló pọ̀ jọ di ẹ̀dọ̀. Fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi mìlímítà 1 sí 2, igun mẹ́fà ni wọ́n sì sábà máa ń fún un nínú àwòrán. Nínú ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ààlà àárín wọn hàn kedere. Nínú ti ènìyàn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ààlà kankan, àwọn mẹ́ta yẹn la fi ń mọ ibi tí igun wà.

Ọmọ iṣẹ́ kan fi ìka han ihò ńlá kan lábẹ́ maikirosikópù, ó ní iṣan ẹnubodè nìyẹn. Mo ní, “Àwọn méjì yòókù dà?” Ó wá a títí, kò rí wọn. Iṣan àárín lóbúlù ló ń wò, òun nìkan ló máa ń dá dúró. Ní igun, iṣan tó ti ìfun wá ló tóbi jù, ara rẹ̀ fẹ́lẹ́. Èyí tó ti ọkàn wá kéré, ara rẹ̀ nípọn. Ẹ̀kẹta, ojú ọ̀nà òróòro, ni ẹ ó fi àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tò yí i ká bíi ìlẹ̀kẹ̀ dá mọ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹ̀jẹ̀ náà sì ń gba méjì wọlé. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ti ìfun wá, pẹ̀lú oúnjẹ àti oògùn tí a gbé mì. Ìyókù ti ọkàn wá, pẹ̀lú ọ́síjìn púpọ̀. Àwọn méjèèjì dà pọ̀ nínú sáínúsọ́ìdì, ojú ọ̀nà tóóró tó gba àárín àwọn ìlà sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kọjá. Ara sáínúsọ́ìdì ní ihò bíi ajọ̀. Omi ẹ̀jẹ̀ ń jò gba ibẹ̀ lọ kan sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kò lè kọjá. Láti igun, gbogbo rẹ̀ ń ṣàn lọ sí iṣan àárín, ibẹ̀ ló ti ń padà sí ọkàn.

Òróòro kì í gba ọ̀nà yẹn rárá. Àlàfo tíntìntín tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì méjì tó fara kan ara wọn ló ń gbà, sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn fúnra wọn ló sì jẹ́ ògiri rẹ̀. Wọ́n di etí rẹ̀ pinpin kí ó má baà jò sínú ẹ̀jẹ̀. Láti àárín ló ti ń ṣàn bọ̀ wá sí igun, sínú ojú ọ̀nà òróòro tó wà lára àwọn mẹ́ta, títí tí yóò fi dé ìfun.

Ibi tí ìtọ́sọ́nà yìí ti wúlò jù lójú mi ni ọ̀ràn ẹni tó lo parasitámọ́ọ̀lù ní àlòjù. Ẹ ó rò pé sẹ́ẹ̀lì igun ni yóò kọ́kọ́ kú, nítorí àwọn ni oògùn kọ́kọ́ kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì àyíká iṣan àárín ló ní ẹ́ńsáìmù tó ń sọ oògùn náà di oró jù, àwọn náà ni glutatáyónì tó ń pa oró ọ̀hún kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọ́síjìn tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn náà ti dín kù, torí àwọn ará iwájú ti lo tiwọn. Oògùn tó ń dá glutatáyónì padà wà, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ jù bí aláìsàn bá rí i gbà láàárín wákàtí 8. Bó bá pẹ́ jù, òkú sẹ́ẹ̀lì á yí iṣan àárín ká, nígbà tí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè ṣì máa ń wà láàyè.

Bó bá jẹ́ òkúta ló dí ọ̀nà òróòro, igun ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ló máa ń wú, tí ojú ọ̀nà òróòro kéékèèké á sì pọ̀ sí i yíká àwọn mẹ́ta.