Àlàmísì, àlàáfíà, Àlàájì: ẹnu ta ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa?

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi ní Haúsá ló kó Àlàmísì, àlàáfíà àti Àlàájì fún wa. Àfáà àdúgbò wa ní rárá o, Lárúbáwá ni. Tó bá wá jẹ́ Lárúbáwá ni, kí ló dé tí ohùn wọn yàtọ̀ tó báyìí? Ta ló tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì?"

Àfáà tọ̀nà ní ti gbòǹgbò, Lárúbáwá ni gbogbo wọn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kì í fò láti Mẹ́kà kó wá balẹ̀ sí Ìbàdàn, ẹnu àwọn èèyàn kan ló máa ń gbà kọjá, ibẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá yín ti sún mọ́ òótọ́, torí Haúsá wà lára àwọn ẹnu náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe Haúsá nìkan, kódà mi ò gbà pé òun ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú orúkọ ọjọ́ wa wá. Màá sọ ìdí ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan wò ná.

Ẹ mú àlàáfíà. Al-afiya ni Lárúbáwá ń pè é. "Al" iwájú yẹn ò ní ìtumọ̀ pàtàkì kan, ó kàn ń tọ́ka sí nǹkan ni, afiya gan-an ni ọ̀rọ̀, ara líle ló sì túmọ̀ sí, ìlera. Tí Lárúbáwá bá fẹ́ sọ pé kò sí ìjà, kò sí ogun, salam ló máa lò. Àwa la fẹ àlàáfíà lójú tá a fi ń sọ pé ìlú wà ní àlàáfíà, pé tọkọtaya ń gbé ní àlàáfíà. Àmọ́ ìtumọ̀ àtijọ́ yẹn ò tíì kúrò níbẹ̀ o. Ìyá bàbá mi, tí mo bá yọjú sí wọn láàárọ̀, á ní "Ṣé àlàáfíà lo jí? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn le?" Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà ni wọ́n ń béèrè, ara ni wọ́n ń béèrè, gẹ́gẹ́ bí Lárúbáwá ṣe máa lò ó.

Ó ku ohùn. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ afiya ni èyí tí àwọn ọmọ ilé kéú ń pè ní àyín, ìsàlẹ̀ ọ̀fun ló ti ń jáde, àwa ò sì ní irú ẹ̀. Nígbà tí kò rọrùn fún ẹnu wa, ó bọ́ sọ́nù. Tó bá ti bọ́ sọ́nù, "l" inú "al" á wá fara kan "a" tó wà níwájú, lo bá gbọ́ àlàá. A ò fi nǹkan kan kún un, a kàn yọ nǹkan kúrò ni. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí Àlàájì. Al-hajj ni, Haúsá sọ ọ́ di Alhaji, àwa sì gbé "h" yẹn mì. Àlàmísì náà nìyẹn, al-khamis ni, ìyẹn ọjọ́ karùn-ún ọ̀sẹ̀, torí Sọ́ńdè ni Lárúbáwá ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. "Kh" yẹn dà bí ìgbà tí èèyàn ń ha ọ̀fun, Haúsá sọ ọ́ di "h" lásán, Alhamis, àwa ní tiwa yọ "h" náà dànù pátápátá. Ẹ tún wo Khadija, tí Haúsá ń pè ní Hadiza, tí àwa ń pè ní Àdíjátù. Kì í ṣe pé a ò lè pe "h" o, a ní í nínú "hó" àti "hù", ṣùgbọ́n tó bá ti wà láàárín ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ tá a fi ń jẹ ẹ́ tàbí ká yí i padà, bí ìròhìn ṣe di ìròyìn, tí ehín sì di eyín lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn.

Tó bá wá jẹ́ pé lẹ́tà tó tẹ̀ lé "al" jẹ́ èyí tí a lè pè, bíi "b" tàbí "k" tàbí "j", ìṣòro míì nìyẹn, torí Yorùbá kì í gbé kọ́ńsónáǹtì méjì lé ara wọn. A ní láti fi fáwẹ̀lì há àárín wọn, "u" la sì sábà máa ń fi síbẹ̀: àlùbáríkà, Àlùkùránì, àlùjánnà, àlùbọ́sà. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ àlà- tàbí àlù- níwájú ọ̀rọ̀ kéú, ẹ ti lè mọ irú lẹ́tà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àlàrùbá ní méjèèjì nínú: al-arbia ni, ọjọ́ kẹrin, "là" ibẹ̀ wá fúnra ẹ̀ torí fáwẹ̀lì ló tẹ̀ lé "l", ṣùgbọ́n "ù" tó wà láàárín r àti b, àwa la fi síbẹ̀. Èyí tó wù mí jù ni àlùbáríkà. Al-baraka ni Lárúbáwá ń wí, "ra" ló wà láàárín ibẹ̀, kì í ṣe "ri". Ká ní ẹnu Lárúbáwá la ti gbọ́ ọ ni, àlùbárákà la máa wí. Àmọ́ nígbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ wa ó ti di albarka, fáwẹ̀lì àárín ti jábọ́ lẹ́nu àwọn tó gbé e kọjá, la bá tún fi fáwẹ̀lì tiwa dí àyè náà. Ojú àpá yẹn ṣì wà lára ọ̀rọ̀ náà títí dòní.

Ibẹ̀ la ti máa mọ ẹnu tó gbé e kọjá. Ẹ fi orúkọ ọjọ́ Haúsá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Sọ́ńdè, Haúsá ní Lahadi, àwa ní Àláàdì. Mọ́ńdè, wọ́n ní Litinin, àwa ní Àtìní. Wọ́n ní Talata, a ní Àtàlátà. Wọ́n ní Laraba, a ní Àlàrùbá. Ṣé ẹ rí i? Tí fáwẹ̀lì tàbí àyín bá tẹ̀ lé "al", Haúsá á gé "a" iwájú sọnù, á fi "l" bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn "lafiya", tí àwa ń sọ àlàáfíà. Tá a bá gba àwọn ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ wọn, níbo la ti wá rí "a" tí wọ́n ti gé? Ẹ wá lọ wo èdè Sọ́ńgáì tí wọ́n ń sọ ní Gáò àti Tìmbúkútù ní ilẹ̀ Màlì: Alhadi, Atinni, Atalaata, Alarba, Alhamiisa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tiwa gan-an! Pàápàá Atinni, torí "l" ò sí níbẹ̀ mọ́, kò sì sí nínú Àtìní tiwa.

Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu. Odò Ọya ló ṣàn gba Gáò kọjá kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí apá ọ̀dọ̀ wa, ìjọba Sọ́ńgáì sì lágbára gan-an títí Mòrókò fi ṣẹ́gun wọn ní 1591, àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà sì ń rìn káàkiri. Àlùfáà yẹn gan-an, alfa ni Sọ́ńgáì ń pè é, Haúsá ní tiwọn malami ni wọ́n ń wí. Wàláà, pákó tí ọmọ kéú fi ń kọ ẹsẹ Àlùkùránì, Haúsá ń pè é ní allo, kò jọ tiwa rárá. Ìdí tá a fi ń pe Mùsùlùmí ní Ìmàle náà nìyẹn, ará Màlì ló túmọ̀ sí, mi ò gba ti àwọn tó ń sọ pé "ìmọ̀ líle" ni.

Haúsá wá ní tiẹ̀ nínú o, pàápàá lẹ́yìn ìjà jìhádì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1804, tí Ìlọrin fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Ẹ wo Lèmọ́mù. Al-imam ni, ká ní ó gba ọ̀nà tí àlàáfíà gbà ni, "à" á wà níwájú ẹ̀, ṣùgbọ́n "l" ló fi bẹ̀rẹ̀, bíi liman tí Haúsá ń wí. Mọ́sáláṣí náà, masallaci wọn ni. Ẹ kíyè sí i ṣá, òfin "a" iwájú yìí ò ṣiṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí kọ́ńsónáǹtì tẹ̀ lé "al" ẹ̀, torí Haúsá náà ń sọ Alhaji àti albasa, ẹ ò lè fi ìyẹn nìkan mọ ọ̀nà tí Àlàájì àti Àlàmísì gbà wá.

Ti ìkíni: Àsàlámù àlékúmù. Ẹ ò rí "l" nínú "às" torí Lárúbáwá fúnra wọn ń jẹ "l" yẹn tí "s" bá tẹ̀ lé e, tàbí "t", ìdí ẹ̀ nìyẹn tí àwọn àsàlátù tí à ń lọ láàárọ̀ Sọ́ńdè ò fi ní "l" níwájú, àti Àtàlátà. "Ay" tó wà nínú alaykum la sọ di "é".

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi etí yín gbọ́. Ẹ pe Àlàmísì, Lèmọ́mù, Làmídì, Làsísì, ẹ rọra pè é. Gbogbo wọn ló gòkè síbì kan náà, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀: mí-sì, mọ́-mù, mí-dì, sí-sì. Ibi tí Lárúbáwá ti fa ohùn gùn, khamiis, imaam, Abdul-Hamiid, Abdul-Aziiz, ibẹ̀ la gbé ohùn òkè sí, fáwẹ̀lì tá a wá fi parí ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ wa kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì sì gba ohùn ìsàlẹ̀. Lárúbáwá ò ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ bíi tiwa, gígùn ohùn tiwọn la sọ di ohùn òkè. Ẹ tún rí Aziz tó di Làsísì, a ò ní "z", "s" ló ń gba ipò ẹ̀, bí zaka ṣe di sàká. "Ma" tó wà nínú imam sì di "mọ́" torí tí "m" bá ti wà níwájú, inú imú ni fáwẹ̀lì ń gbà jáde, tí àwa sì ń gbọ́ ọ bí "ọ" inú ọmọ. Òun ló sọ Muhammad di Mọ́mọ̀dù, tó sọ Juma di Jímọ̀. "H" tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn Jímọ̀ nínú orúkọ èèyàn, ìwé nìkan ló wà, kò sẹ́ni tó ń pè é.

Ẹ má wá rò pé gbogbo àlà- àti àlù- ni kéú o. Àlàyé, Yorùbá pọ́ńbélé ni, ẹ lè tú u: là, yé. Àlùjó náà, lù, jó. Ẹ gbìyànjú àtitú àlàáfíà bẹ́ẹ̀ wò, kò ní tú.

Ẹ sì bá mi sọ fún bàbá yín pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìbéèrè yín tó jẹ́ pé ẹnu Haúsá ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa, Lárúbáwá fúnra ẹ̀. Larabawa ni wọ́n ń pe àwọn ará Arébíà, "-awa" yẹn ni wọ́n ń fi parí orúkọ ọ̀pọ̀ èèyàn ìlú kan, bí wọ́n ṣe ń pe ará Kánò ní Kanawa.