Wọ́n dí èjí ọmọ mi nínú fótò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde

Ìbéèrè: Àsàláámù àlékùm, Àáfà wa. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama. Nígbà tí fótò rẹ̀ dé, wọ́n ti sọ ọ́ di òyìnbó, imú rẹ̀ ti tín-ín-rín, wọ́n sì ti dí èjí rẹ̀. Ó ní òun kọ́ nìyẹn, ó ń sunkún. Àáfà kan ní àsàlátù wa ní ègún Ọlọ́hun ti wà lórí rẹ̀ nítorí ó yí ìṣẹ̀dá padà, kí a jó fótò náà. Bàbá rẹ̀ sì ti gbé e kọ́ sí pálọ̀. Kí ni ká ṣe? Ìyá kan, Ilé-Ifẹ̀.

Ìdáhùn: Wa àlékùmú sàláàmù. Ìyá wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gégùn-ún fún ọmọ yín. Ó ti sú mi, báwọn kan ṣe ń gbọ́ ìlàjì hádíìsì tí wọ́n sì ń sáré gun mínbárì.

Hádíìsì tí àáfà àsàlátù yín dì mú, ti Abdullahi ọmọ Masʼud ni, ó wà nínú Bukari àti Muslim. Ègún wà níbẹ̀ fún obìnrin tó ń fín ara, èyí tó ní kí wọ́n fín òun, èyí tó ń fa irun ojú, àti àwọn tó ń ha eyín wọn kó lè yà nítorí ẹwà. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: kó lè yà! Àwọn kan ń fi ayùn wá èjí, Ọlọ́hun fún ọmọ yín ní tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ayafótò wá dí i. Ara èèyàn ni hádíìsì yìí ń bá wí, àti ẹni tó ṣe é tàbí tó ní kí wọ́n ṣe é. Èjí ọmọ yín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Bébà ni wọ́n yí padà, òun kọ́ ló sì bẹ̀ wọ́n. Èmi ò rí ibi tí ègún fẹ́ bà sí.

Àmọ́ mi ò ní ohun tí wọ́n ṣe dára. Irọ́ ni. Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé ẹni tó ń fi ohun tí wọn ò fún un ṣe fáàrí dà bí ẹni tó wọ aṣọ irọ́ méjì. Wọ́n fi aṣọ náà wọ ọmọ ọlọ́mọ láìbéèrè.

Ìrọ̀lẹ́ tí ẹ mú ọmọ náà wá sí ilé kéú, mo rò ó lákọ̀ọ́kọ́ pé bóyá dígí ló ń tàn án. Inú dígí la ti mọ ojú ara wa, dígí sì máa ń yí ọ̀tún pa dà sí òsì, nítorí náà fótò tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn pàápàá lè ṣàjèjì lójú ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé kì í fi dígí mọ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi fótò náà han àbúrò rẹ̀ kékeré. Ó wò ó títí, ó ní, “Àǹtí ta ni?” Ẹ̀rí tó mi nìyẹn. Mo wá wo ọwọ́ tó fi di sáàtífíkéètì mú: ó dúdú bó ṣe yẹ, ojú sì funfun bí ẹ̀kọ. Ìlà ògiri tó wà lẹ́yìn tẹ̀ wọnú lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí nígbà tí wọ́n ń fi Liquify, irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tó ń ti àwòrán síhìn-ín sọ́hùn-ún, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé, ògiri bá a lọ. Ara ojú náà ń dán, kò sí ihò irun kan níbẹ̀.

Bí wọ́n bá nu òógùn tàbí irorẹ́ tó máa lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò ní bá wọn jà. Ohun tí ọmọ yóò gbé dàgbà, àwọ̀ rẹ̀, imú rẹ̀, èjí rẹ̀, ni kí wọ́n má fọwọ́ kàn.

Torí náà, ẹ padà lọ bá ayafótò náà ní Lágéré. Ojúlówó fótò náà ṣeé ṣe kó ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó tún un tẹ̀. Bí ẹ kò bá ní kó yí i padà, kó má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín: lọ́nà Ìmáàmù Máálíkì táwọn bàbá wa fi kọ́ wa, oníṣẹ́ ọwọ́ tó gba iṣẹ́ tó sì bà á jẹ́, òun ló ni gbèsè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sọ fún un pé “Ẹ bá wa ṣe é kó dáa”, ohun tí àwọn ayafótò ìlú máa ń ṣe fún ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ la ó fi dájọ́, ẹ ó sì jọ pín owó bébà.

Ẹ ò nílò iná. Àwòrán pẹlẹbẹ tí kò ní òjìji, àwọn Máálíkì ní a kórìíra rẹ̀, wọn ò ní ó jẹ́ èèwọ̀ bí ère. Ohun tí mo bá bàbá rẹ̀ wí ni ògiri tó gbé e kọ́, torí ẹ sọ fún mi pé ìhà kíbíláà ni. Ànọ́bì ní kí Áíṣà mú aṣọ ìkélé rẹ̀ kúrò nítorí àwòrán tó wà lára aṣọ náà ń wá síwájú òun lórí ìrun. Ìrun tí ẹ ti kí níbẹ̀ dúró, ẹ má san án padà. Tí tuntun bá dé, kí ó gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.