Orúkọ ìlú, ọ̀rọ̀ ojú irin, àti ibi tí òǹkàwé ti máa mí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mò ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kà sí fídíò kan nípa ojú irin ní Ọ̀fà. Ẹni tó fẹ́ kà á kì í ṣe ará ibí: ó ń ṣi orúkọ pè, ó sì ń mí níbi tí kò yẹ. Kí ni kí n fi sínú ìwé náà?

Ìdáhùn: Àbúrò, orúkọ ìlú ni kí o kọ́kọ́ mójú tó. Ọ̀fà, dò-dò ni. Bí òǹkàwé bá pè é ní re-dò, ọfà tí ọdẹ ń ta ló pè yẹn, gbogbo ọmọ Ọ̀fà tó bá gbọ́ á sì mọ̀ pé àlejò ni. Ìlọrin, dò-re-re. Fi àmì ohùn sórí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ibi tó ti jáde, kì í ṣe ní ibi àkọ́kọ́ nìkan, torí pé ó lè jẹ́ ojú ìwé kẹrin ni wọn yóò ti tún kà.

“Géèjì”, ìyẹn bí irin méjèèjì ṣe jìnnà síra wọn, ló máa dà á láàmú jù. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń mú kí àwọn kan pè é ní “gọ́ọ̀jì”. Kọ bí a ṣe ń pè é sí etí ìwé, lọ́gangan ìlà náà. Má kọ ọ́ sáàárín gbólóhùn, nítorí ẹni tó ń sáré kà á yóò ka ìyẹn náà jáde. Nọ́ńbà ńkọ́? Fi lẹ́tà kọ ọ́ bí o ṣe fẹ́ kó dún.

Ní ti èémí, ilà kan ni mo fi ń sọ pé kó dúró díẹ̀, ilà méjì pé kó mí. Bí mo ṣe máa kọ tìrẹ nìyí:

“Ojú irin àtijọ́ tó lọ láti Èkó sí Kánò / gba Ọ̀fà kọjá. // Géèjì rẹ̀ / jẹ́ mílímítà ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́tàdínláàádọ́rin. //”

Wò ó pé n kò fi ilà sáàárín nọ́ńbà yẹn. Bó bá mí lẹ́yìn “ẹgbẹ̀rún kan”, olùgbọ́ á rò pé ó ti parí. Má sì ya ọ̀rọ̀ méjì tó jọ ń rìn. “Ará ìlú” ń di “aráàlú” lẹ́nu wa. “Ará Ìlọrin” náà ń so pọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi ilà sáàárín wọn, àwọn fáwẹ́ẹ̀lì kò ní lè pàdé, á sì máa dún bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà.

Àmì orí àti ti abẹ́ lẹ́tà máa ń sọnù bí ìwé bá ti ń ti fóònù kan bọ́ sí òmíràn. Bí o bá rí àpótí kékeré níbi tó yẹ kí “ọ̀” wà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Pídíẹ́ẹ̀fù ni kí o fi ránṣẹ́. Kí o sì bẹ àgbàlagbà kan ní Ọ̀fà kó pe àwọn orúkọ náà sórí fóònù, lẹ́ẹ̀mejì-mejì, ní pẹ̀lẹ́. Àmì dò, re, mi kò lè sọ bí ohùn ṣe ń yọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Etí nìkan ló ń gbọ́ ìyẹn.

Lẹ́yìn náà, jẹ́ kó kà á sókè lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó tan makirofóònù. Ibi tó bá ti mí fúnra rẹ̀ láì ba ìtumọ̀ jẹ́, gbé ilà rẹ lọ síbẹ̀.