Ẹ̀bùn fún akẹgbẹ́ tí a ò mọ̀, lówó tí kò pọ̀

*Ìbéèrè:* Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ ẹ̀bùn ní ọ́fíìsì wa. Kálukú mú bébà kan, orúkọ tó bá wà nínú ẹ̀ lo máa ra nǹkan fún ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n dá iye kan fún wa tí a ò gbọdọ̀ kọjá, iye náà ò sì tó nǹkan. Ọkùnrin kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó ló já mọ́ mi lọ́wọ́, a ò tíì bá ara wa sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ rí. Kí ni mo lè rà tí kò ní jù sínú dúrọ́ọ̀ kó gbàgbé ẹ̀? Ṣé kí n fi owó díẹ̀ kún un ni?

*Ìdáhùn:* Ẹ má fi kọ́bọ̀ kún un. Iye yẹn ni gbogbo yín jọ fẹnu kò sí. Ẹni tó bá kọjá ẹ̀, ó ń dójú ti àwọn tó pa á mọ́, ẹni tó gba ẹ̀bùn náà á sì máa rò ó lọ́kàn pé kí ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ òun. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ mi, èmi ni mo sì máa ń ṣètò irú pàṣípààrọ̀ yìí níbi iṣẹ́ wa. Ohun tí ojú mi ti rí ni pé owó kékeré kì í ba ẹ̀bùn jẹ́. Ká fi owó kékeré ra ohun ńlá ló máa ń bà á jẹ́.

Ní 1998, Christopher Hsee ti Yunifásítì Ṣìkágò tẹ ìwádìí kan jáde tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu gan-an. Ó ní kí àwọn kan rò ó pé ọ̀rẹ́ wọn ra síkáàfù dọ́là 45 fún wọn, níbi tí síkáàfù ti bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 5 títí dé 50. Ó ní kí àwọn mìíràn rò ó pé kóòtù dọ́là 55 ni, níbi tí kóòtù ti bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 50 títí dé 500. Kóòtù ló gba owó jù, síbẹ̀ àwọn tí wọ́n fún ní síkáàfù ló rí ọ̀rẹ́ wọn bí ọ̀làwọ́ jù. Síkáàfù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn síkáàfù. Kóòtù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn láàárín àwọn kóòtù.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé ọjà, ẹ má bi ara yín pé kí ni nǹkan tó tóbi jù tí owó yìí lè rà. Ẹ wá ohun kékeré tí ojúlówó ẹ̀ ò ju owó yìí lọ. Páwà báǹkì tí iye yín bá lè rà á jẹ́ èyí tó burú jù lórí àtẹ, ó sì lè má lo oṣù mẹ́ta. Wáyà tí a fi ń ṣájì fóònù ńkọ́? Owó yẹn kan náà lè ra ọ̀kan lára èyí tó dára jù.

Ó ku bí ẹ ṣe máa mọ ohun tó wúlò fún ẹni tí ẹ ò mọ̀. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í pé, "Kí ló fẹ́ràn?" Ìbéèrè yẹn kì í so èso. Ẹni tó jókòó tì í ò ní mọ̀, á kàn ní, "Ohunkóhun náà ni." Èmi máa ń béèrè pé, "Kí ló máa ń yá lọ́wọ́ yín?" Ohun tí èèyàn ń yá lójoojúmọ́ ló ṣaláìní, tí kò sì tíì ráyè rà fún ara ẹ̀.

Lọ́dún kan, orúkọ ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ló já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bi àǹtí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní ìbéèrè yẹn. Ó ní, "Wáyà ṣájà ni o. Tiẹ̀ ò gùn tó." Mo dọ́gbọ́n gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì ẹ̀ kọjá. Ó ti to fáìlì mẹ́rin léra wọn sílẹ̀, ó gbé fóònù lé e lórí kí wáyà lè débẹ̀, ó sì ti fi sẹ́lótéèpù wé ọrùn wáyà náà níbi tó ti ń gé. Mo mọ ohun tí màá rà lójú ẹsẹ̀: wáyà mítà 2.

Síbẹ̀, mo ṣì í nígbà àkọ́kọ́. Mo wo fóònù ẹ̀, mo rí i pé USB-C ni, mo wá ra wáyà tó jẹ́ USB-C lójú méjèèjì. N kò wo ibi tó ń kì í bọ̀. Kọ̀ǹpútà iwájú ẹ̀ ló ń lò, ojú USB-A tó fẹ̀ pẹrẹsẹ nìkan ló sì wà lára kọ̀ǹpútà yẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ rìsíìtì tí n kò sọ nù, mo dá a padà, mo gba èyí tó bá a mu. Ẹ wo ojú méjèèjì kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ iPhone ló ń lò, ẹ rántí pé iPhone 15 tó jáde ní 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo USB-C, ojú Lightning ti Apple ni àwọn tó ṣáájú ẹ̀ láti iPhone 5 ń lò.

Ẹ tún wo ọrùn wáyà náà, níbi tó ti wọnú orí ẹ̀. Ibẹ̀ ni wáyà ti sábà máa ń gé, èyí tó dára sì máa ń ní rọ́bà rírọ̀ níbẹ̀ tó ń bá a tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi so fóònù yín mọ́ kọ̀ǹpútà. Tó bá ń ṣájì ṣùgbọ́n tí fóònù ò yọjú lórí kọ̀ǹpútà rárá bẹ́ ẹ tilẹ̀ gbà á láyè lórí fóònù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wáyà tó ń gbé iná nìkan ni. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Tí ẹni tó jókòó tì í bá ní kì í yá nǹkan kan, ìwé àkọsílẹ̀ ni mo máa ń sá bá, nítorí ojúlówó ẹ̀ kì í wọ́n. Ẹ ṣí i sí àárín lórí tábìlì, kẹ́ ẹ ju ọwọ́ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi òwú rán máa ń sùn sílẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ máa ń fẹ́ pa dé, ewé ẹ̀ a sì máa já. Gsm ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí bébà ṣe wúwo tó. Bébà fọ́tókópì lásán sábà máa ń jẹ́ 80 gsm, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 100 gsm sí lẹ́yìn, kí yíǹkì má baà hàn sí ẹ̀yìn ewé.

Lọ́fínńdà, ìpara àti aṣọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ ò mọ ohun tí awọ ara ẹ̀ ń gbà, ẹ ò sì mọ ìwọ̀n ẹ̀. Nǹkan apanilẹ́rìn-ín náà ńkọ́? Ọ̀rẹ́ là ń fún nírú ẹ̀, ẹni tí ò mọ̀ yín lè kà á sí èébú.

Ẹ fara balẹ̀ wé e dáadáa, nítorí fún ẹni tí ò mọ̀ yín, wíwé yẹn ni nǹkan àkọ́kọ́ tó máa fi mọ̀ bóyá ẹ bìkítà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣètò bóyá owó bébà tí ẹ fi wé e wà lára iye tí wọ́n dá. Ẹ gé ibi tí iye owó wà kúrò lára rìsíìtì, ẹ fi ìyókù sínú ẹ̀, kó lè pààrọ̀ ẹ̀ tí kò bá bá a mu.

Ẹ rà á ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí àyè lè wà láti dá èyí tí ò dáa padà.