Bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn

"Mo máa ń lọ wo àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nílé. Bí mo bá bi wọ́n pé, 'Ṣé ẹ nílò ìrànlọ́wọ́?', 'Rárá, a dúpẹ́' ni wọ́n ń sọ, bẹ́ẹ̀ ó hàn lójú wọn pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Báwo ni kí n ṣe máa béèrè?"

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo tọ́jú ọkọ mi nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún. Òṣìṣẹ́ kan gbé fọ́ọ̀mù wá bá wa. Ṣé ó ń jẹun? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ ní olùrànlọ́wọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ọmọ mi ń wá lópin ọ̀sẹ̀. Òtítọ́ ni gbogbo ìdáhùn mi, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan tó kan ohun tó ń dà mí láàmú, pé mi ò mọ bí a ṣe ń yí ọkùnrin tó tóbi jù mí lọ padà lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, àti pé ẹ̀yìn mi ti ń ro mí débi pé mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ò nílò nǹkan kan, ó sì lọ. Inú ṣì ń bí mi sí i.

Nọ́ọ̀sì tó wá lẹ́yìn náà jókòó, ó ní, "Ẹ sọ fún mi bí òru àná ṣe lọ, láti ìgbà tí ẹ pa iná." Ó dákẹ́, kò sì já lu ọ̀rọ̀ mi. Ìgbà náà ni mo sọ ti yíyí padà, tí mo sì sọ pé gìgísẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún. Ó kọ́ mi pé kí n ká orúnkún rẹ̀ sókè, kí n fi ọwọ́ kan di èjìká rẹ̀ mú, èkejì ìbàdí, kí n sì yí i wá sọ́dọ̀ ara mi, kí n má ṣe fà á. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ṣé gìgísẹ̀ yẹn gbóná ju èkejì lọ? Ṣé ó le?" Ibẹ̀ ni ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ wúlò, torí pé lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n tó ń ṣáájú egbò orí ibùsùn kì í tètè hàn.

"Kí lẹ nílò?" nìkan kò tó o, nítorí ẹni tí kò mọ̀ pé a lè kọ́ òun ní yíyí aláìsàn padà kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ mú àkókò kan pàtó, bí òru tàbí ìgbà ìwẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n ròyìn rẹ̀. Ẹ má sì so ìrù mọ́ ọn, bí "Báwo ni òru? Ṣé ẹ sùn dáadáa?", nítorí ìrù yẹn ni wọn yóò dáhùn. Àwọn dókítà gan-an ń já lu ọ̀rọ̀: ìwádìí tí Beckman àti Frankel tẹ̀ jáde lọ́dún 1984 rí i pé ní ìpíndọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 18 ni aláìsàn ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dá a dúró.

Ẹ má bi olùtọ́jú lójú aláìsàn. Kò ní sọ pé ó rẹ òun. Ní ti aláìsàn tí àrùn náà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìbéèrè gbọọrọ ìyà ni fún un. Ẹ bi í ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó mi orí tàbí kí ó nàka, kí ẹ sì tún ìbéèrè náà bi í ní òdìkejì láti mọ̀ bóyá ó yé e.